Orí máṣíìnì mi dára, ṣùgbọ́n àwọn tó tà á kò dá mi lóhùn mọ́: báwo ni kí n ṣe kọ àgbéyẹ̀wò rẹ̀?

Tóyìn Aránṣọ:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kọ àgbéyẹ̀wò máṣíìnì ìránṣọ tí mo rà, kí ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ lè rí i kà. Irú èyí tí mótò rẹ̀ wà lára orí máṣíìnì fúnra rẹ̀ ni, kò ní bẹ́líìtì. Ní ti orí rẹ̀, n kò lè parọ́ mọ́ ọn. Irin gidi ni, ó wúwo, kì í gbọ̀n tí mo bá ń sáré. Mo fi rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò jíínsì, ní ibi tí aṣọ ti ká lé ara rẹ̀ mọ́ ojú ìrán ẹ̀gbẹ́, abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 18 ni mo kì sí i, kò fò rárá.

Àpótí kọntiróòlù tó wà lábẹ́ tábìlì ló bàjẹ́. Tí mo bá ń rán aṣọ lọ, á kọ àṣìṣe sójú, mótò á sì dákú. Tí mo bá pa á tí mo tún tàn án, á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á tún kú. Wáràńtì ọdún kan wà lórí rẹ̀, kò tíì parí. Àwọn tó tà á ní kí n fi risíìtì ránṣẹ́, mo fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kí n ya fídíò, mo yà á. Wọ́n wá ní kí n kó gbogbo máṣíìnì náà wá. Mo béèrè ẹni tí yóò san owó ọkọ̀, láti ìgbà náà wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni “Ẹ má rà á, pàǹtí ni.” Nígbà tí mo kà á, mo rí i pé kì í ṣe òótọ́, torí orí máṣíìnì náà kì í ṣe pàǹtí. Mo tún un kọ, ó wá dà bí ìpolówó ọjà. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe tò ó?

Kọ́lá:
Ìràwọ̀ kan péré ni kí ẹ fún wọn. Má kọ ohun rere kankan sí i, torí ẹni tó bá rí “ó lágbára” kò ní ka ìyókù tí yóò fi sanwó. Ìràwọ̀ nìkan ni àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí máa ń wò.

Ìyá Àánú:
Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ wo wáyà tó ti ara mótò wọ inú àpótí yẹn. Mímì tí máṣíìnì máa ń mì lè jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀, bí ó ṣe rí nínú tèmi nìyẹn. Ẹ pa iná pátápátá, ẹ yọ wọ́n, ẹ tún kì wọ́n padà dáadáa.

Tóyìn Aránṣọ:
Ẹ ṣé mà. Mo ti yọ gbogbo rẹ̀, mo tún kì wọ́n padà, kò yí padà. Àgbéyẹ̀wò tí mo fẹ́ kọ gan-an ni mò ń béèrè.

Bàbá Mẹkáníìkì:
Ẹ fi ohun tí Ìyá Àánú sọ yẹn sínú àgbéyẹ̀wò náà. Ẹni tó bá kà á yóò mọ̀ pé ẹ ti wo ohun tó yẹ kí oníbàárà wò kó tó pariwo.

Kọ́lá, òótọ́ ni pé ojú ìràwọ̀ ni ènìyàn kọ́kọ́ ń wò. Ṣùgbọ́n tí aránṣọ mìíràn bá ti fọwọ́ kan máṣíìnì yìí, tó wá rí i tí ẹ pè é ní pàǹtí, kò ní gba èyí tó kù tí ẹ sọ nípa wáràńtì gbọ́.

Ẹ ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí ẹ fi máṣíìnì náà ṣe àti ìgbà tí ẹ rà á. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tí ọwọ́ àti etí yín rí lára orí rẹ̀. “Ó lágbára” kò tó. Ẹ fi ọwọ́ yí wíìlì rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ń gán níbì kan. Ẹ di igi abẹ́rẹ́ mú, ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì, ẹ wò ó bóyá ó ń jó nínú ihò rẹ̀. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ kọ.

Tí ẹ bá dé orí ìtọ́jú lẹ́yìn ọjà, ẹ má kọ “wọn kò ní àánú.” Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi ẹ̀sùn ránṣẹ́, ohun tí wọ́n béèrè, ọjọ́ tí ẹ fún wọn, àti ohun tí wọ́n sọ kẹ́yìn. Àtẹ̀jíṣẹ́ yín ni kí ẹ ti wo ọjọ́ náà, ẹ má fi orí rántí rẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kọ, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ẹ sọ bóyá ẹ lè rí ohun tó bàjẹ́ rà níbòmíràn. Máṣíìnì oníbẹ́líìtì, mótò rẹ̀ ń rọ̀ lábẹ́ tábìlì; tó bá kú, ẹ lè gbé mótò mìíràn tó bá a mu síbẹ̀. Ti yín yìí, mótò wà lára irin gbọọrọ tó ń yí wíìlì, àpótí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá mótò náà mu. Kì í ṣe gbogbo àpótí tí ẹ bá rí lọ́jà ló lè darí rẹ̀. Torí náà, bí orí máṣíìnì ti wù kó lágbára tó, ọwọ́ ẹni tó tà á ló wà.

Rẹ̀mí:
Ẹ gbà mí láyè. Àwọn tó ta tèmi náà kò dáhùn, ṣùgbọ́n n kò bínú tó bẹ́ẹ̀. Oníbẹ́líìtì ni. Mótò kú, mo ra òmíràn lọ́wọ́ ẹlòmíràn, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ. Nǹkan rere nìkan ni mo kọ nípa rẹ̀.

Bàbá Mẹkáníìkì:
Rẹ̀mí, ẹ padà lọ fi ìyẹn kún un. Ẹni tó ra irú ti Tóyìn kò ní ọ̀nà àbáyọ tí ẹ ní.

Tóyìn Aránṣọ:
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ wo bí mo ṣe tún un kọ:

“Ìlò: Aránṣọ ni mí, mo fi ń rán jíínsì àti aṣọ iṣẹ́ lójoojúmọ́.
Orí máṣíìnì: Ó wúwo, kì í gbọ̀n. Wíìlì ń yí wọ́ọ́rọ́, igi abẹ́rẹ́ kì í jó. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 18 gba ibi tí jíínsì nípọn jù kọjá láì fò.
Ohun tó bàjẹ́: Àpótí kọntiróòlù. Mótò ń dákú lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, mo tún kì wọ́n, kò yí padà.
Wáràńtì: Ọdún kan ni wọ́n kọ, kò tíì parí. Wọ́n gba risíìtì àti fídíò, wọ́n ní kí n kó gbogbo máṣíìnì wá, wọn kò dáhùn lórí ẹni tí yóò san owó ọkọ̀. Ọjọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà nísàlẹ̀. Mo ní kí wọ́n ta àpótí nìkan fún mi, wọn kò fèsì.
Ta ló lè rà á? Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ń ta àpótí yìí gan-an kó tó sanwó. Ẹni tí máṣíìnì kan ṣoṣo ń bọ́, kó má tíì rà á.”

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo rò.

Kọ́lá:
Èyí dára, mo gbà. Ṣùgbọ́n mẹ́ta ti pọ̀ jù. Ṣé àpótí náà kì í ṣe ara máṣíìnì ni? Tó bá kú láàárín ọdún kan, iṣẹ́ ọwọ́ wọn náà kò dára nìyẹn.

Bàbá Mẹkáníìkì:
Ìbéèrè yẹn mọ́gbọ́n dání. Àpótí kan ṣoṣo kò lè sọ fún wa bóyá gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Iná tó ń fò sókè sódò lè bà á jẹ́ pẹ̀lú. Ohun tó dá mi lójú ni pé wọn kò tọ́jú rẹ̀. Méjì ni èmi ìbá fún un.

Ìyá Àánú:
Èmi á fi sí mẹ́ta, torí orí rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Tóyìn Aránṣọ:
Mo ti fi sí méjì báyìí. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé tí wọ́n bá fi àpótí ránṣẹ́, màá fi ọjọ́ rẹ̀ kún un, màá sì yí ìràwọ̀ náà padà.