Disẹ́ńbà dé, wọn ò yọ owó Sóṣà Sìkiọ́rítì mi tán

Bísí, Houston: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Owó oṣù mi ò yí padà ní 2025, 16,000 dọ́là ni lóṣooṣù. Láti Jánúárì ni wọ́n ti ń yọ 992 níwájú OASDI, ìyẹn owó Sóṣà Sìkiọ́rítì. Ní Disẹ́ńbà yìí, 6.20 péré ni mo rí. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á padà wá gba ìyókù.

Túndé, Lọ́ńdọ̀nù: Àṣìṣe ni o, ẹ tètè pè wọ́n. Gbèdéke wà lóòótọ́, àmọ́ oṣù kọ̀ọ̀kan ló ń dá dúró. Lọ́dọ̀ wa níbí, tí owó bá ti kọjá 4,189 pọ́n-ùn lóṣù, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń yọ fún National Insurance á di ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lórí èyí tó lé. Tí oṣù míì bá wọlé, a tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Bọ̀dá Láyí, Maryland: Túndé, ti Ìlú Ọba lo sọ yẹn, bó ṣe rí níbẹ̀ nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, láti Jánúárì ni wọ́n ti ń ro owó pọ̀, títí á fi kan 176,100 dọ́là, gbèdéke 2025. Bísí, mú bírò. Oṣù 11 lọ́nà 16,000 jẹ́ 176,000. Ó wá ku 100 dọ́là péré tí wọ́n lè yọ nǹkan lórí ẹ̀ ní Disẹ́ńbà. Ìdá 6.2 nínú ọgọ́rùn-ún lórí 100 dọ́là yẹn ni 6.20 tó o rí. Ẹnikẹ́ni ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ.

Iye kan náà ni ọ̀gá rẹ ń san lápò tiẹ̀, tiẹ̀ náà sì dúró lọ́jọ́ kan náà. 232 tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù fún Mẹdikéà ò ní gbèdéke, ìyẹn á máa lọ. Má tìtorí owó tó lé yìí jẹ gbèsè tuntun o, 992 ń padà bọ̀ ní Jánúárì.

Ìyá Kẹ́hìndé, Chicago: Tèmi ńkọ́, Bọ̀dá? Mo pààrọ̀ iṣẹ́ ní Júláì. Oṣù mẹ́fà lọ́nà 16,000 níbi àkọ́kọ́, mẹ́fà lọ́nà 18,000 níbi kejì. Ibi tuntun yìí ò dá yíyọ dúró rárá. Wọ́n ní ohun tí mo gbà níbòmíì ò kàn wọ́n.

Bọ̀dá Láyí: Òótọ́ ni wọ́n sọ, Ìyá. Agbanisíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ka tiẹ̀ láti òdo. Tí W-2 méjèèjì, ìwé tí agbanisíṣẹ́ fi ń sọ owó tó san àti èyí tó yọ, bá dé, ẹ wo Box 4: ó yẹ kí ẹ rí 5,952 lórí ọ̀kan, 6,696 lórí èkejì. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 12,648, bẹ́ẹ̀ 10,918.20 ló pọ̀ jù tí wọ́n lè yọ lọ́wọ́ ẹnì kan lọ́dún. Ẹ ó béèrè 1,729.80 tó lé lórí Schedule 3 ti Form 1040, ìwé owó orí yín. Àwọn ọ̀gá yín méjèèjì ò ní rí kọ́bọ̀ gbà padà nínú tiwọn. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀gá kan ṣoṣo ló yọ ọ́ jù, ọwọ́ ẹ̀ ni ẹ ó ti gbà á, kì í ṣe lórí Form 1040.

Fẹ́mi, Atlanta: Ẹ̀yin Bọ̀dá, wọ́n ta iléeṣẹ́ wa ní Ọ́gọ́ọ̀sì. Tábìlì kan náà, iṣẹ́ kan náà, àmọ́ ẹni tó rà wá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdo.

Bọ̀dá Láyí: Ìyẹn sinmi lórí bí wọ́n ṣe rà á. Nígbà míì, òfin gbà kí ẹni tó rà á ka owó tí ẹni àkọ́kọ́ ti san mọ́ tiẹ̀. Bi wọ́n bóyá W-2 kan lo máa gbà tàbí méjì.

Fẹ́mi: Ẹni kan ní ọ́fíìsì ní ọ̀kan, èkejì ní méjì. Màá bi wọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè.