Sítíkà tó pẹ́ dé

Ìyàwó Ọ̀mù-Àrán
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ta ló ti fi ẹ̀fẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wasáàpù rí, tí ẹ̀fẹ̀ náà di ìjà? Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Àwa ìyàwó ilé ní gúrúùpù kan, àwa 23 la wà níbẹ̀. À ń dá 5,000 náírà níkọ̀ọ̀kan fún ìrántí ìyá ọkọ wa. Ìyálé mi, ọmọ Ọ̀fà, kò tíì san. Èmi àti wọn kì í fi ẹ̀fẹ̀ ṣeré rárá: wọ́n á ní ọmọ Ìlọrin ni mí, wàrà nìkan ni mo mọ̀, èmi náà á ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà, kí wọ́n má gbé mi dá o. A ó jọ rẹ́rìn-ín, ó parí.

Lọ́jọ́ Sátidé, inú mọ́tò ni mo wà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Mo kọ ọ́ sí gúrúùpù pé: "Ìyálé wa, ọmọ oníjàkadì, ṣé ẹ ń bá owó ìdáwó náà jà lọ́wọ́ ni tí ò fi tíì dé?" Mo fi sítíkà ìyá àgbà kan tó ń fẹ̀rín yílẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ lọ. Sítíkà ò lọ. Àmì aago kékeré yẹn ló ń bẹ lára rẹ̀, mi ò sì kíyè sí i, mo ti sùn.

Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà dé, Ìyálé mi ti fèsì: "Ẹ ṣeun. Mo ti gbọ́." Ẹ wo "ẹ" yẹn dáadáa. Láti ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wọlé ọkọ, "o" ni wọ́n ń pè mí. Kí n tó mí kanlẹ̀, sítíkà mi jáde, ó bọ́ sábẹ́ èsì wọn lórí fóònù tiwọn. Ẹni tí inú ń bí ní òun ti gbọ́, ìyá àgbà wá ń yílẹ̀ rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀! Ìpayà bá mi, mo pa sítíkà rẹ́. Ìyẹn tún burú sí i, nítorí Wasáàpù kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo pa nǹkan rẹ́. Gbogbo wọn wá ń bi mí pé èébú wo ni mo kọ́kọ́ kọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnì kan ti fi ọ̀rọ̀ mi ránṣẹ́ sí ọkọ Ìyálé mi. Ọ̀rọ̀ nìkan. Mi ò mọ̀ pé owó oṣù ọkunrin náà ò tíì wọlé fún oṣù méjì.

Ọmọ Tankẹ
Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ẹ̀yin ló ń lo sítíkà. Ẹ to 😂 mẹ́rin márùn-ún sẹ́yìn ọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa bínú. Àwa tiẹ̀ ti fi 😂 sílẹ̀ fún ẹ̀yin àgbà, 😭 tàbí 💀 là ń lò báyìí tí ẹ̀rín bá pa wá.

Alájọ Ìpàta
Irú yín ló fi orí òkú ránṣẹ́ sí mi! Mo sọ fún ọmọ mi pé oníbàárà kan pè mí ní ọ̀dọ́mọbìnrin. Ó kọ ọ́ padà: "Màmá ọ̀dọ́ 💀💀💀". Agbárí mẹ́ta, ní òwúrọ̀ kùtù! Mo ka Áyátúlù Kúrúsíyù tán kí n tó pè é. Ó ní ẹ̀rín ló pa òun. Mo ní kó kọ ọ́ pé ẹ̀rín pa òun, kò gbọ́dọ̀ fi òkú hàn mí mọ́. Ó ní mi ò lajú. A ò tíì parí ẹ̀.

Tíṣà Gàá-Akàǹbí
Ọmọ Tankẹ, o mú ibì kan, o fi ibì kan sílẹ̀. Kí àmì wà nínú ọ̀rọ̀ gan-an, òótọ́ nìyẹn. Iye rẹ̀ kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Sítíkà kì í bá ọ̀rọ̀ gbé inú àpò kan náà: iṣẹ́ méjì lo rán, ọ̀kan lè dé kí èkejì ṣì wà lọ́nà. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ lọ síbòmíràn, ọ̀kan náà ló máa mú, sítíkà á kù sílé. Lórí fóònù ìyàwó wa, sítíkà wà lókè èsì Ìyálé. Lórí ti Ìyálé, ó wà nísàlẹ̀. Àwọn méjèèjì ò ka ìtàn kan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ò tuntun. Lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Scott Fahlman ní Yunifásítì Carnegie Mellon, l'Amẹ́ríkà, dá a lábàá pé kí wọ́n fi :-) sí ẹ̀fẹ̀. Ẹnì kan ló fi àwàdà kọ nípa mẹ́kúrì nínú ẹ̀rọ agbéniròkè, àwọn kan sì rò pé ìkìlọ̀ gidi ni. Ó ní kí wọ́n kà á ní ẹ̀gbẹ́. Inú ọ̀rọ̀ náà ni irú àmì bẹ́ẹ̀ ń wà o, kì í ṣe pé ó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ìyàwó wa, tó bá tún ṣẹlẹ̀, tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ kí ìṣẹ́jú 15 tó pé, Wasáàpù á jẹ́ kó o ṣe àtúnṣe, o sì lè fi 😂 kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ti di òkúta. Tó bá sì jẹ́ àwòrán lo fẹ́, mú un láti inú gálárì, kó o kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ìyẹn máa ń lọ papọ̀.

Bàbá Ìgbàjà
Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè dá sítíkà dúró kó má máa jẹ dátà mi?

Tíṣà Gàá-Akàǹbí
Bàbá, kì í ṣe ìyẹn là ń sọ.

Bàbá Ìgbàjà
Ó dáa, ẹ gbọ́ tèmi. Kì í ṣe Wasáàpù, àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni. Mo fi ẹ̀fẹ̀ gùn díẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi ní Ìsánlú-Ìsin, ọmọ mi bá mi fi 😂 kan ṣoṣo sí i. Owó méjì ni wọ́n yọ. Fóònù onítẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ń lò, àpótí kékeré kan ló rí. Ó pè mí pé kí ni mo dì sínú àpótí.

Tíṣà Gàá-Akàǹbí
Létà 160 ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gbà, Bàbá. Tí ímójì kan bá ti wọlé, gbogbo rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sí 70, èyí tó bá kọjá á di ojú ewé kejì. Ẹ, ọ àti ṣ wa tó ní àmì nísàlẹ̀ náà ń fà á bẹ́ẹ̀.

Ìyá Òró
Èmi ò bá yín lọ sọ́dọ̀ fóònù. Ọ̀rọ̀ owó láàárín èèyàn 23, ṣé 😂 ló máa wẹ̀ ẹ́ mọ́? Nígbà tí a bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà, a ó ní "tótó, ó ṣe bí òwe o", ṣùgbọ́n a mọ òwe tí a kì í pa. Tí o bá lọ bá ìyálé rẹ nínú kọ̀rọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Tíṣà Gàá-Akàǹbí
Mi ò lè bá yín jiyàn, Màmá. Àmọ́ ká ní sítíkà yẹn dé lásìkò, mo rò pé wọn ì bá fi ẹ̀fẹ̀ dá a padà.

Ìyá Òró
Kò dá mi lójú.

Ìyàwó Ọ̀mù-Àrán
Mo ti lọ kúnlẹ̀. Mo fi fóònù mi hàn wọ́n, wọ́n gbé tiwọn jáde, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní "o" sí mi, ìyẹn nìkan ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Wọ́n sanwó ní ọjọ́ kejì.

Lálẹ́ yìí, mo kí wọn ní kọ̀rọ̀, mo ní ọmọ oníwàrà kí ọmọ oníjàkadì. Ohun tí wọ́n fi dáhùn rèé: 🙂

Ẹ bá mi wò ó. Ọmọ Tankẹ, kí ni ìyẹn túmọ̀ sí lọ́dọ̀ yín?

Ọmọ Tankẹ
Àǹtí... lọ́dọ̀ tiwa, ìyẹn ò dáa o.

Alájọ Ìpàta
Ẹ̀rín ni! Ẹ̀rín ni mo rí.