Ìbéèrè: Bẹngalúrù ti ń ṣiṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Ifẹ̀. Báwo ni kí n ṣe ṣètò ọ̀rọ̀ láàrin wa?

Ọmọ Mọ́ọ̀rè (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín lórí iṣẹ́ kan tó wà lọ́wọ́ mi. A ń ṣe áàpù tí wọn yóò máa fi kọ ìwọ̀n kòkó àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí Ifẹ̀ àti Iléṣà ká. Èmi ni alákòóso níbí. Bẹngalúrù ní Íńdíà ni àwọn tó ń kọ kóòdù wà. Ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí gbogbo ohun tí a bá fẹ́ ṣe wà ní Tòróńtò ní Kánádà. Àwọn tó ń lọ sóko ń gbé Iléṣà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, ọ̀gá fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù pé kí fọ́ọ̀mù má gba kílò nìkan mọ́, kó gba iye àpò pẹ̀lú, torí pé àpò ni àwọn àgbẹ̀ fi ń ka kòkó wọn. Mo ti sùn nígbà náà. Nígbà tí mo fi dé ẹnu iṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án tí mo gbọ́ ọ, aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ti lù ní Bẹngalúrù, wọ́n sì ti gbé fọ́ọ̀mù oníkílò sórí fóònù àwọn tó ń lọ sóko. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ wá láti oko lọ́jọ́ náà, kò sí iye àpò níbẹ̀.

Ọ̀gá ti wá ní kí n kọ ètò ìbánisọ̀rọ̀ fún gbogbo wa, kó má ju ojú ìwé kan lọ. Kí ló yẹ kó wà níbẹ̀? Aago mélòó sì ni gbogbo wa lè jọ ṣèpàdé?

Ìyá Ìbejì (Iléṣà)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ aago òkè òkun yìí ti dààmú èmi náà. Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn ọmọ mi wà. Nígbà òtútù, a fi wákàtí kan ṣáájú wọn. Bó bá di ìgbà oòrùn wọn, aago wa á dọ́gba. Ohun tí èmi ṣe ni pé mo mú aago mẹ́jọ alẹ́, mo ra dátà sílẹ̀, gbogbo wa sì ń rí ojú ara wa. Ẹ̀yin náà, ẹ máa pe ara yín lórí fídíò lálaalẹ́, ọ̀rọ̀ kan ò ní sọnù mọ́.

Akọ́kóòdù Ọ̀pá (Ilé-Ifẹ̀)

UTC, aago kan ṣoṣo tí gbogbo ayé fi ń ṣírò aago tiwọn, ni kí ẹ máa lò fún gbogbo nǹkan. Ẹ kọ ọ́ sínú ètò yín pé kò sí aago Ifẹ̀, kò sí aago Tòróńtò, `UTC` nìkan ló wà. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo yín ṣe ìpàdé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́. Bí a ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ wa nìyẹn, kò sì sí wàhálà.

Bàbá Lágere (Ilé-Ifẹ̀)

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun mà. Òótọ́ ni ohun tí ẹ sọ nípa Lọ́ńdọ̀nù, àmọ́ ọjọ́ tí Tòróńtò ń yí aago yàtọ̀ sí tiwọn. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta ni Lọ́ńdọ̀nù ń sún tirẹ̀ síwájú. Ọjọ́ Àìkú kejì oṣù náà ni ti Tòróńtò. Nàìjíríà àti Íńdíà kì í yí aago rárá.

Ọmọ Mọ́ọ̀rè, kí o tó kọ ọ̀rọ̀ kankan, mú bébà, fi aago Ifẹ̀ ya ọjọ́ kan sórí rẹ̀ láti ìdájí dé òru. Bẹngalúrù fi wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ṣáájú wa. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ láti mẹ́sàn-án àárọ̀ dé márùn-ún ìrọ̀lẹ́, lọ́dọ̀ wa níbí, láti mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni títí di méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán. Wákàtí mẹ́fà ni a fi ṣáájú Tòróńtò nígbà òtútù wọn, ó máa ń di márùn-ún nígbà oòrùn. Nítorí náà, nínú oṣù Kejìlá, aago mẹ́ta ọ̀sán wa ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mọ́kànlá alẹ́ wa ni wọ́n ń ṣíwọ́. O rí i báyìí pé Bẹngalúrù ti relé kí Tòróńtò tó dé ẹnu iṣẹ́. Wọn kì í bá ara wọn pàdé. Ìwọ nìkan lò ń bá àwọn méjèèjì pàdé, ìdí nìyẹn tí gbogbo ọ̀rọ̀ fi ń gba ọ̀dọ̀ rẹ kọjá.

Ibẹ̀ náà ni ewu wà. Láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tí o bá palẹ̀ mọ́, Tòróńtò ṣì ní wákàtí mẹ́fà iṣẹ́ níwájú. Ohun tí ọ̀gá bá pinnu nínú wákàtí mẹ́fà yẹn, Bẹngalúrù ló máa kọ́kọ́ nílò rẹ̀, nígbà tí ìwọ ṣì wà lójú oorun. Bí ètò yín bá sọ pé ìwọ ni kó máa jíṣẹ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fọ́ọ̀mù yẹn yóò tún ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò ti bá Bẹngalúrù sọ̀rọ̀ láìgba ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo ń pè bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìpinnu: ojú ìwé kan ṣoṣo lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo yín lè ṣí. Ìpinnu kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Ti fọ́ọ̀mù yìí ì bá rí báyìí: "10 Oṣù Kejìlá. Fọ́ọ̀mù yóò gba kílò àti iye àpò. Ọ̀gá fọwọ́ sí i. Ó rọ́pò ìpinnu 2 Oṣù Kejìlá. Ó kan akọ́kóòdù àti àwọn tó ń lọ sóko. Ẹ má gbé e lọ sóko kí Ifẹ̀ tó dán an wò." Kí ètò náà wá sọ ọ́ gbangba pé ohun tí kò bá sí nínú ìwé yìí kì í ṣe ìpinnu, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ló sọ ọ́ lẹ́nu, àti pé Bẹngalúrù yóò ṣí i kí wọ́n tó ṣí ohun mìíràn láàárọ̀.

Ní ti ìpàdé, má ṣe lé gbogbo yín jọ lójoojúmọ́. Bá Bẹngalúrù ṣe tiwọn ní mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, aago méjì ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn. Bá Tòróńtò ṣe tiwọn ní mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni kí gbogbo yín jọ pàdé, ní aago kan ọ̀sán Ifẹ̀: aago méje àárọ̀ ni ní Tòróńtò nígbà òtútù, mẹ́jọ nígbà oòrùn, ó sì jẹ́ márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ní Bẹngalúrù. Yẹ ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀, torí àwọn tó ń lọ kírun Jímọ̀.

Akọ́kóòdù, UTC dára fún àkọsílẹ̀ sáfà, ẹ̀rọ tí áàpù ń kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́ sí, àti pé Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣoṣo ṣáájú rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Àmọ́ kò sí ògiri ilé ẹnì kankan nínú wọn tí aago UTC wà, èèyàn á sì máa ṣì í kà. Jẹ́ kí kàlẹ́ńdà ṣe ìṣirò náà. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé Ọmọ Mọ́ọ̀rè ni kó dá ìpàdé sílẹ̀, lórí aago Nàìjíríà, èyí tí kàlẹ́ńdà ń pè ní `Africa/Lagos`. Bí ọ̀gá bá dá a sílẹ̀ lórí `America/Toronto`, bó bá di oṣù Kẹta, ìpàdé mẹ́ta ààbọ̀ yóò di méjì ààbọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ti gbogbogbòò yóò sì fi wákàtí kan yára fún Bẹngalúrù náà.

Akọ́kóòdù Ọ̀pá (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ ṣeun sà. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí kàlẹ́ńdà. Lórí ìpàdé ojoojúmọ́, mi ò tíì gbà. Bí àwọn tó ń kọ kóòdù kò bá gbọ́ ohùn ọ̀gá fún odidi oṣù kan, wọn yóò máa méfò ohun tó fẹ́.

Bàbá Lágere (Ilé-Ifẹ̀)

Ìméfò yẹn, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà béèrè ọ̀rọ̀ ló ń fà á. Bí Bẹngalúrù bá fi ìbéèrè ránṣẹ́ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kí ọ̀gá tó dé ẹnu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, méje ààbọ̀ alẹ́ ti lù lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ kejì ni wọn yóò rí èsì. Bí ọ̀gá bá dáhùn pé "fọ́ọ̀mù wo?", ọjọ́ kan tún lọ nìyẹn. Nítorí náà, kí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí wọ́n rí, kó fi àwòrán ojú fóònù náà sí i, kó dárúkọ ọ̀nà méjì tí wọ́n lè gbà, kó sì parí sí: "Bí a kò bá gbọ́ èsì kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la, ti àkọ́kọ́ ni a ó ṣe." Kí wọ́n lò ó fún ohun tó ṣeé yí padà nìkan. Wọn ò gbọ́dọ̀ fi dákẹ́dákẹ́ ọ̀gá pa àkọsílẹ̀ àgbẹ̀ rẹ́, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi gbé fọ́ọ̀mù lọ sóko.

Olóko Ìjẹ̀ṣà (Iléṣà)

Ẹ dákun, ẹ ti gbàgbé àwa tí à ń lọ sóko. Irú iṣẹ́ yẹn ni èmi ń ṣe. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni a ń kúrò ní Iléṣà, bí a bá sì ti wọ abúlé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí mọ́. Ìwé ìpinnu orí íńtánẹ́ẹ̀tì ò wúlò fún wa níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni bí fọ́ọ̀mù bá yí padà ní aago mẹ́wàá, ti àtijọ́ la ó máa kún títí a ó fi padà.

Bàbá Lágere (Ilé-Ifẹ̀)

Ó ṣeun gan-an, o sọ ohun tí mi ò rò. Ọmọ Mọ́ọ̀rè, fi kún un pé fọ́ọ̀mù kì í yí padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti wà lóko. Ìyípadà tí o bá dán wò kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọn yóò lò lọ́jọ́ kejì, kí o sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán, kì í ṣe Wasáàpù, sọ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Kọ nọ́ńbà ẹ̀dà sí òkè fọ́ọ̀mù kí wọ́n lè fi ojú ara wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Bí fọ́ọ̀mù tó ń padà wá láti oko bá ń gbé nọ́ńbà méjì lọ́jọ́ kan náà, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ò dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan.

Ìyá Ìbejì (Iléṣà)

Bí nǹkan bá wá bàjẹ́ lóru ńkọ́? Àwọn tèmi, bí mo bá rí ìpè wọn lóru, àyà mi á já.

Bàbá Lágere (Ilé-Ifẹ̀)

Ìbéèrè pàtàkì nìyẹn, mà. Ìpè fóònù nìkan ni kí wọ́n fi jí ènìyàn, fún ohun méjì péré: kí sáfà dúró, tàbí kí àkọsílẹ̀ àgbẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ. Kí ètò dárúkọ ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ pè àti ẹni tí wọn yóò pè tẹ̀lé e bí ti àkọ́kọ́ kò bá gbé e, torí iná lè ti lọ ní Ifẹ̀ kí fóònù sì ti kú. Gbogbo ohun yòókù lè dúró di àárọ̀ ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí.

Ọmọ Mọ́ọ̀rè (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Bàbá àti gbogbo yín. Mo ti ya ọjọ́ náà sórí bébà, ọ̀rọ̀ wákàtí mẹ́fà yẹn sì yé mi gan-an. N ó fi ti àwọn tó ń lọ sóko ṣáájú nínú ètò náà, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni àṣìṣe ti ń di ohun tí a kò lè tún ṣe: àgbẹ̀ ti ta kòkó rẹ̀, àpò ti lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ọ̀gá fẹ́ràn kó máa fi ohùn ránṣẹ́ nígbà tó bá ń wakọ̀ relé. Mi ò rò pé yóò jókòó kọ ìlà kankan ní aago mọ́kànlá alẹ́ wa.

Akọ́kóòdù Ọ̀pá (Ilé-Ifẹ̀)

Kó máa fi ohùn náà ránṣẹ́ sí gbogbo yín, kí Bẹngalúrù gbọ́ ọ fúnra wọn.

Bàbá Lágere (Ilé-Ifẹ̀)

Wọ́n lè gbọ́ ọ, àmọ́ lẹ́yìn oṣù kan, ta ni yóò wá ohùn ìṣẹ́jú mẹ́rin rí nínú Wasáàpù? Jẹ́ kí Bẹngalúrù kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sínú ìwé ìpinnu, kí wọ́n sàmì sí i pé "ń dúró de ọ̀gá". Kí ọ̀gá fọwọ́ sí i nígbà tó bá dé ẹnu iṣẹ́. Yóò ná yín ní ọjọ́ kan lórí ìpinnu kọ̀ọ̀kan. Bóyá ọ̀gá yóò gbà pẹ̀lú ọjọ́ kan yẹn tàbí yóò yàn láti kọ ọ́ fúnra rẹ̀, òun ni kó sọ. Bi í ní ìpàdé mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀la.

Ọmọ Mọ́ọ̀rè (Ilé-Ifẹ̀)

N ó bi í, sà. N ó mú àpẹẹrẹ fọ́ọ̀mù náà dání, kó lè rí iye orúkọ àgbẹ̀ tí a ní láti padà lọ bá.