Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ló lè kọ lẹ́tà yìí. Ẹ gbà mí o!

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ káalẹ́ o. Inú ń bí mi. Lẹ́tà ìwọlé sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni, òru ni mo fi jókòó tì í. Ẹni tó bá wa yẹ̀ ẹ́ wò fi bírò pupa fa gbogbo rẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́. Ẹ wò ó:

"Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá àgbà, mo fi ìfẹ́, sùúrù àti ìfaradà tọ́jú wọn. Ìrírí náà kọ́ mi ní ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́."

Kò sí àṣìkọ kankan níbẹ̀!

Ìyá Ìbejì: Fi àwọ̀ àti òórùn sí i. Àwọ̀ aṣọ wọn, òórùn oògùn, ìró òjò lórí òrùlé.

Akọ̀wé: Ẹ má bínú, Ìyá Ìbejì, ẹni tí kò tọ́jú aláìsàn rí náà gbọ́ òjò lórí òrùlé. Ohun tó jẹ́ pé ẹni tó wà níbẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n là ń wá. Àbẹ̀kẹ́, mú "sùúrù" yẹn. Nígbà wo gan-an lo nílò rẹ̀? Kí lọwọ́ rẹ ń ṣe?

Kọ́lá: Ó ṣe bàbá tèmi náà. Ẹ máa yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì ní wákàtí méjì-méjì o, kí ìdí wọn má baà di egbò.

Akọ̀wé: Ẹ gbọ́ Kọ́lá! Kò pe ara rẹ̀ ní onísùúrù, síbẹ̀ gbogbo wa mọ̀ pé ó ti jí lóru nítorí bàbá rẹ̀.

Bàbá Olùkọ́: Àbẹ̀kẹ́, wọ́n bi ọ́ ní ìbéèrè, o ò dáhùn.

Àbẹ̀kẹ́: Kí ni kí n dáhùn, sà? Àbúrò mi ọkùnrin ló ni lẹ́tà. Òun ló tọ́jú ìyá àgbà, èmi ò sí nílé. Èmi ni mo mọ̀wé kọ ju òun lọ.

Bàbá Olùkọ́: Háà! Tí wọ́n bá pè é, tí wọ́n ní kó ṣàlàyé ńkọ́?

Akọ̀wé: Ọ̀rọ̀ wá yàtọ̀ nìyẹn. Má bi í pé báwo ló ṣe rí, "ó le" ló máa sọ. Ní kó fọwọ́ ṣe é bó ṣe ń wọ aṣọ fún wọn, bó ṣe ń fún wọn lóúnjẹ. Bó bá ṣe sọ ọ́ ni kó o kọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́: Mo ti pè é. Ó ní:

"Apá òsì wọn ló rọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo máa ń kọ́kọ́ kì bọ aṣọ, wọ́n á máa ké tó bá kan òsì, àfi ìgbà tí nọ́ọ̀sì kan fi hàn mí pé ọwọ́ tó rọ ló ń kọ́kọ́ wọlé. Tí wọ́n bá jẹun tán, mo máa ń la ẹnu wọn wò, torí oúnjẹ máa ń kù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, wọn ò sì ní mọ̀."

Mo fẹ́ fi "ìrírí náà kọ́ mi ní ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́" parí rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Fi sí i. Lẹ́tà gbọ́dọ̀ ní ìparí.

Akọ̀wé: Yọ ọ́. A ti rí ẹ̀kọ́ náà nínú apá aṣọ. Tó bá fẹ́ ìparí, kó sọ ohun tí kò tíì yé e: kí ló fà á tí wọn ò fi mọ̀ pé oúnjẹ wà lẹ́nu wọn?

Bàbá Olùkọ́: Èmi ṣì ní kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ kọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́: Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà ni, sà. Ọ̀la ni wọ́n ń gbà á mọ.