Òórùn ọ̀rá jíjó lára dí-bì: bírékà ni àbí básìbáà?

Ẹ̀yin oníná, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí òórùn bí ọ̀rá tó ń jó ti ń jáde lára dí-bì wa, táa bá tan éésì àti páǹpù omi pọ̀ nìkan ló máa ń rùn, táa bá pa ọ̀kan ó lọ nìyẹn. Mo kọ́kọ́ rò pé bírékà éésì ló ń gbóná jù, 20 áḿpù ni, a pààrọ̀ ẹ̀ lánàá, òórùn ò kúrò. Níúútírà ńkọ́? Gílóòbù ò ṣẹ́jú, iná ò lọ sílẹ̀, ìgbà toníná sì pa méènì tó ṣí ìbòrí, báà níúútírà mọ́ tónítóní, sukúrú ẹ̀ le. Àmọ́ ibi tí básìbáà ti wọ ẹsẹ̀ méènì ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ike ẹ̀ ti yọ́, sukúrú ibẹ̀ sì ń mì. Oníná ní òun á kàn fún un le. Mo ní rárá, irin tó ti jó báyẹn, ṣé ó tún lè di ara ẹ̀ mú ni? A ṣì pa méènì o, ooru fẹ́ pa wá. Ṣé básìbáà nìkan ni kí n rà, àbí kí n pààrọ̀ méènì mọ́ ọn?