Lẹ́tà ìjẹ́rìísí: ìgbà wo ni kí n bèèrè àdírẹ́sì?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Ìkòròdú ni mo ti ń kọ̀wé. Mo fẹ́ bẹ olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi ní 2019 pé kí wọ́n kọ lẹ́tà ìjẹ́rìísí fún mi sí yunifásítì tí mo fẹ́ wọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí wọ́n tó ti ìforúkọsílẹ̀. Kí wọ́n lè rántí mi, mo kọ nọ́ńbà mátíríìkì, àkòrí iṣẹ́ náà àti máàkì mi sínú lẹ́tà tí mo fẹ́ fi bẹ̀ wọ́n. Mo sì fi kún un pé bí àyè kò bá sí, kò burú, torí ẹ̀rí tí a fi tipátipá gbà kì í lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ohun tó rú mi lójú nìyí: yunifásítì náà ló máa fi líǹkì tí wọ́n á fi jẹ́rìí ránṣẹ́ sí olùkọ́ mi, àdírẹ́sì ímeèlì ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni yunifásítì náà sì ń gbà, bẹ́ẹ̀ Yahúù ni olùkọ́ mi ń lò. Ṣé kí n bèèrè àdírẹ́sì ilé-ẹ̀kọ́ wọn nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, àbí kí wọ́n kọ́kọ́ gbà ná?