Àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì tó ti di bárakú lẹ́nu àgbàlagbà: kí ló kù ká ṣe?

Ẹ̀yin olùkọ́ èdè, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn tó ń kọ́ àgbàlagbà ní Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń dá lẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan nínú wọn sì mú ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá. Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ lẹ́nu ọkùnrin náà, àmọ́ ó máa ń fo "s" tó yẹ kó kẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan ṣoṣo.

Kì í ṣe ahọ́n ló fà á, torí ó ń pe "s" tó ń sọ ọ̀rọ̀-orúkọ di ọ̀pọ̀ ketekete. A gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, a ní kó fúnra rẹ̀ kọ ohun tó sọ. Ó rí èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe náà, ó sì tún wọn ṣe. Ó mọ òfin. Ìgbà tó bá ń rò ó tó sì ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni òfin ń bọ́.

Tí olùkọ́ bá tún gbólóhùn náà sọ bó ṣe tọ́, á ní "bẹ́ẹ̀ ni", á sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Lójú tèmi, ìtumọ̀ nìkan ló ń gbọ́. Tí olùkọ́ bá dá a dúró, á tún un ṣe, ṣùgbọ́n àtúnṣe náà kì í bá a dé kíláàsì tó tẹ̀lé e. A ní kó sọ ìtàn kan náà léraléra ní àkókò tó ń dínkù. Ẹnu rẹ̀ yá sí i, "s" kò padà.

Iṣẹ́ wo lẹ ti fún irú akẹ́kọ̀ọ́ yìí tó mú kí àtúnṣe náà dúró nínú ọ̀rọ̀ tí kò múra sílẹ̀ fún, báwo lẹ sì ṣe mọ̀ pé ó dúró?